Ex parte: ẹnìkan ló wà ní kóòtù, ẹnìkejì ò tiẹ̀ gbọ́

Nínú gbogbo Látìn táwọn lọ́yà ń kó sínú ìwé wọn, ex parte ni mo rò pé ó ń ṣi àwa tá à ń kà á lọ́nà jù. Pro bono ò le, ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí lọ́yà ò gbowó lé lórí ni. Bona fide náà, ẹni tí ò rí ẹnu ọ̀nà kóòtù rí mọ̀ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú kéèyàn jẹ́ olóòótọ́, kó má sí màgòmágó. Ṣùgbọ́n ex parte ń ṣe iṣẹ́ méjì tí kò jọra wọn rárá, ọ̀kan nínú àkọlé ẹjọ́, ìkejì nínú ẹjọ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dúró ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn fún ẹni tó ń ka ìròyìn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ìwé ẹjọ́ àti ìwé àdéhùn fún àwọn tí ò ráyè kà á, kí n wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn ní kúkúrú. Ohun tó ń dé bá mi lemọ́lemọ́ nìyí: ẹnìkan á fi àwòrán ìròyìn ránṣẹ́ sí mi pé kóòtù ti dá ilé iṣẹ́ báyìí lẹ́jọ́, wọ́n ti tilẹ̀kùn owó wọn, á wá bi mí pé ṣé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Mà á kà á, mà á rí ex parte ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin, ojú rẹ̀ ti fò ó kọjá. Tó bá wá di bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí kóòtù kan náà bá gbé àṣẹ yẹn kúrò, kíá ni wọ́n á ní adájọ́ ti gba rìbá. Ó sì lè má sí rìbá kankan o, ó lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ẹnìkejì nìyẹn.

Ohun tí ex parte túmọ̀ sí nínú ẹjọ́ ni pé apá kan ṣoṣo ló wá. Olùpẹjọ́ àti lọ́yà rẹ̀ wọlé tọ adájọ́ lọ, wọ́n rojọ́ tiwọn, wọ́n gba àṣẹ, ẹni tí àṣẹ náà máa mú ò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lọ. Àwa tí wọ́n fi "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà" tọ́ dàgbà, àyà wa gbọ́dọ̀ já nígbà tá a bá gbọ́ irú ẹ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan, àwọn olófin náà ní Látìn tiwọn fún un, audi alteram partem, pé kéèyàn gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, wọ́n kà á sí ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ilé ẹjọ́ dúró lé. Kí ló wá dé tí wọ́n tún fi ń gbọ́ tẹnìkan?

Ìdí ẹ̀ ni pé àwọn ẹjọ́ kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti sọ fún ẹnìkejì, ẹ ti bà á jẹ́. Tí mo bá kọ lẹ́tà sí ẹni tó jẹ mí lówó pé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni mo máa lọ gbàṣẹ kó o má baà kówó sá, kí ni mo sọ fún un yàtọ̀ sí pé kó tètè kó o lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè? Owó tó wà nínú akáǹtì lè ti ìlú kan dé ìlú míì kí lọ́yà tó wọ aṣọ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n fẹ́ jó, ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé sọdá ibodè, ọkọ tó ń lu ìyàwó tó sì lè pa á tó bá gbọ́ pé ó ti lọ sí kóòtù. Ibi tí pajáwìrì bá wà, tàbí tí ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀ bá lè ba nǹkan jẹ́, ibẹ̀ nìkan ni ex parte ti tọ́. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, adájọ́ tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́n lọ fún ẹnìkejì níwèé kí wọ́n tó padà wá.

Ẹ jẹ́ n mú ẹjọ́ kan tó jẹ́ gidi, torí ọ̀rọ̀ yìí ò yé èèyàn dáadáa títí tó fi rí owó àti ọkọ̀ nínú ẹ̀. Ọdún 1975 ni, ní Lọ́ńdọ̀n. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Mareva, àwọn ló ni ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n fi háyà fún ilé iṣẹ́ míì, International Bulkcarriers. Iye tí wọ́n fi háyà ọkọ̀ náà jẹ́ 3,850 dọ́là lóòjọ́, ìdajì oṣù ìdajì oṣù ni wọ́n á sì máa san án, ṣáájú. Àwọn tó háyà ọkọ̀ yìí náà tún lọ fi háyà fún ìjọba Íńdíà pé kó fi kó ajílẹ̀, ìjọba Íńdíà sì san owó tiẹ̀, ó tó 174,000 pọ́n-ùn, ó wọlé sínú akáǹtì àwọn tó háyà ọkọ̀ ní báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n san ẹ̀ẹ̀kíní fún àwọn tó ni ọkọ̀, wọ́n san ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ní àwọn ò lè san mọ́. Owó háyà tó wà nílẹ̀ tí wọn ò san jẹ́ 30,800 dọ́là, àwọn tó ni ọkọ̀ sì tún fẹ́ gba owó gbà-má-bínú nítorí pé àdéhùn ti bàjẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Owó ń bẹ nínú báńkì, gbogbo èèyàn rí i. Ẹjọ́ á gba oṣù, bóyá ọdún. Àwọn tó jẹ gbèsè ò ní nǹkan míì ní Lọ́ńdọ̀n tó ju akáǹtì yẹn lọ, tẹlifóònù kan péré ló sì kù kí owó fò lọ sí òkè òkun. Tí àwọn tó ni ọkọ̀ bá fún wọn níwèé kí wọ́n tó lọ sí kóòtù, wọ́n á bá àpò òfìfo. Ni wọ́n bá lọ ex parte. Adájọ́ àkọ́kọ́ fún wọn láṣẹ ọjọ́ díẹ̀, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí Lord Denning ṣe olórí rẹ̀, fi kún un: kí àwọn tó háyà ọkọ̀ má gbé owó náà kúrò níbi tí agbára kóòtù dé títí ẹjọ́ á fi parí. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ yẹn pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, Mareva. Tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìròyìn pé ẹnìkan ti gba Mareva lórí ẹnìkejì, ajílẹ̀ tó ń lọ sí Íńdíà ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ yẹn tó máa ń wù mí ju Mareva fúnra rẹ̀ lọ. Ẹjọ́ àtijọ́ kan wà, ti ọdún 1890, Lister àti Stubbs, tó sọ pé kóòtù ò lè ti owó ẹni tí wọ́n ò tíì dá lẹ́bi mọ́ ibì kan kìkì torí pé ẹnìkan ní ó jẹ òun lówó. Ẹjọ́ yẹn lè fọ́ gbogbo ohun táwọn tó ni ọkọ̀ ń wá. Àwọn tó háyà ọkọ̀ ò sí ní kóòtù láti mú un jáde, kò sí lọ́yà kankan níbẹ̀ tó máa sọ ọ́ fún wọn. Lọ́yà àwọn tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e síwájú adájọ́. Ó gbé òkúta tí wọ́n lè sọ lù ú síwájú wọn, lẹ́yìn náà ló wá ń ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ò mọ iṣẹ́ yìí á ní orí ẹ̀ ò pé. Orí ẹ̀ pé dáadáa, torí pé iye tí wọ́n ń ta ex parte fúnni nìyẹn.

Torí pé ẹnìkejì ò sí níbẹ̀, ìwọ tó wá gbọ́dọ̀ sọ tìẹ, kó o tún sọ ohun tí òun náà ì bá sọ. Àwọn lọ́yà máa ń pè é ní ojúṣe pé kí wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán láìfi nǹkan pa mọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó o pè lẹ́jọ́ ti san díẹ̀ nínú owó náà, sọ ọ́. Tí lẹ́tà kan bá wà tó fi ní òun ò jẹ ọ́, mú un jáde. Tó bá ti tó oṣù mẹ́fà tó o ti mọ̀ pé ó fẹ́ kówó sá, tó jẹ́ pé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré wá, sọ ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa dùn ọ́. Kì í sì í ṣe ohun tó o mọ̀ nìkan o, ohun tó yẹ kó o ti mọ̀ tó o bá ti wádìí dáadáa náà wà nínú ẹ̀.

Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́yà ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ́dún 1917, orúkọ rẹ̀ gùn bí ìrìn àjò: R v Kensington Income Tax Commissioners, ex parte Princess Edmond de Polignac. Ẹ ti rí ex parte nínú orúkọ yẹn, ẹ fi sí ọkàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀. Obìnrin tọ́rọ̀ kàn, Winnaretta Singer lorúkọ tí wọ́n bí i mọ́, ọmọ Isaac Singer tó ni máṣíìnì ìránṣọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ó fẹ́ ọmọọba ilẹ̀ Faransé kan, ó di aráa Faransé, Párì ló ń gbé, ó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn kọmíṣọ́nnà owó orí ní Lọ́ńdọ̀n wá ní kó máa san owó orí níbẹ̀, pé ó jẹ́ olùgbé. Ó ní òun kì í ṣe olùgbé wọn.

Ọ̀nà tí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ nígbà náà jẹ́ ìpele méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, o máa lọ bá kóòtù ní ex parte pẹ̀lú ìwé ìbúra, tó bá jọ pé ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á fún ọ ní àṣẹ onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rule nisi (Látìn tún dé, nisi yẹn ni "àyàfi tí"), ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ dúró báyìí àyàfi tí ẹnìkejì bá wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó dúró. Ìpele kejì ni ẹnìkejì á tó wá. Arábìnrin yìí gba ìpele kìíní, kò sí wàhálà. Nígbà tí àwọn kọmíṣọ́nnà wá dé, wọn ò kọ́kọ́ jà lórí pé ó jẹ owó orí tàbí kò jẹ, wọ́n ní kí kóòtù tún ìwé ìbúra rẹ̀ kà. Wọ́n fi hàn pé ohun tó sọ níbẹ̀ nípa ilé tó ní í ṣe pẹ̀lú òun ní Lọ́ńdọ̀n ò tọ́, pé ó gé ọ̀rọ̀, ó fi èyí tó lè pa á lára sílẹ̀.

Kóòtù bá fagi lé àṣẹ tó kọ́kọ́ gbà, ó lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn náà dúró lé e. Ohun tó sì yẹ kéèyàn kíyè sí ni pé wọn ò dá a bóyá ó jẹ owó orí tàbí kò jẹ. Wọn ò débẹ̀ rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ̀bi, ó ṣeé ṣe kó jàre, ọ̀rọ̀ tiwọn ni pé ẹni tó bá wá bá àwọn nígbà tí ẹnìkejì ò sí, tí kò sọ gbogbo òótọ́ tó mọ̀, kò ní jẹ àǹfààní àṣẹ tó gbà, èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá wọ́n á gbà á padà. Ẹni tó bá rò pé ìyà yẹn ti pọ̀ jù, kó rántí pé adájọ́ tí ẹnìkan ṣoṣo ń bá sọ̀rọ̀ ò ní ohun míì tó lè fi mọ̀ bóyá wọ́n ń parọ́ fún un. Ìbẹ̀rù pé gbogbo ẹ̀ máa dànù ni ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo tó ní.

Ó ní ìwọ̀n tiẹ̀ ṣá. Nígbà tó yá, àwọn lọ́yà sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ òòjọ́. Kí wọ́n tó fi ojú kan ẹjọ́ gangan, wọ́n á ti máa tú ìwé ìbúra ẹnìkejì wò láti wá ọ̀rọ̀ kékeré kan tí kò sọ, wọ́n á sáré lọ sí kóòtù pé ó ti fi nǹkan pa mọ́ o, ẹ tú àṣẹ náà ká. Ó débi pé ọ̀rọ̀ náà dé inú ẹjọ́ Brink's Mat, ìyẹn ẹjọ́ tó jáde látinú wúrà olówó gọbọi tí wọ́n jí ní Heathrow ní Lọ́ńdọ̀n lóṣù Kọkànlá ọdún 1983. Àwọn tí wọ́n jà lólè gba àṣẹ ex parte lórí owó àwọn tí wọ́n fura sí, adájọ́ kan tú àṣẹ náà ká torí pé wọ́n fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wá dá a padà. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú tèmi: kóòtù á wò ó bóyá ohun tí wọn ò sọ yẹn tó nǹkan, á wò ó bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí wọ́n gbàgbé, kódà tó bá tú àṣẹ àkọ́kọ́ ká ó lè fún wọn ní òmíràn lójú ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá yẹ bẹ́ẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kó wúrà oníwúrà sálọ á kàn máa wá àṣìkọ nínú ìwé ẹlòmíì.

Ohun méjì míì ló yẹ kó wà nínú àṣẹ ex parte tó jẹ́ ojúlówó, mo sì máa ń wá wọn kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá, nígbà tí ẹnìkejì á ti gba ìwé tó sì lè rojọ́ tiẹ̀. Àṣẹ yìí kì í ṣe àṣẹ ayérayé, afárá ni, ó kàn ń gbé yín dé ọjọ́ yẹn ni. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin Rule 65 tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú àṣẹ pàjáwìrì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́rìnlá àyàfi tí wọ́n bá sún un síwájú pẹ̀lú ìdí tó yanjú, pé lọ́yà sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tó gbìyànjú láti fi tó ẹnìkejì létí, àti ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi tó o létí. Ìkejì ni ìlérí tí olùpẹjọ́ ṣe níwájú kóòtù pé tó bá padà hàn pé kò yẹ kí òun gba àṣẹ yìí, òun á san ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ìlérí yìí kì í ṣe àwàdà. Ẹni tí wọ́n ti owó rẹ̀ mọ́ lè pàdánù ọjà, báńkì lè yí ojú padà sí i, òṣìṣẹ́ lè má rí owó oṣù gbà, tí àṣẹ náà bá wá wó, orí ẹni tó gbà á ni gbogbo ẹ̀ máa dà sí.

Torí náà, nígbà tí wọ́n bá fi ìròyìn kan hàn mí pé kóòtù ti "dá ẹjọ́", ìbéèrè tí mò ń bi ara mi ò pọ̀. Ta ni lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ apá kan ni ìròyìn dárúkọ lọ́yà wọn, ara ti ń fu mí. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá? Tí mo bá rí ọjọ́ tó sún mọ́, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, mo ti mọ̀ pé wọn ò tíì dá nǹkan kan. Ohun tí adájọ́ sọ ńkọ́, ṣé ó ní ẹni yìí jẹ̀bi ni, àbí ó ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀? "Ó jọ pé" lèyí tí ex parte sábà máa ń ní. Àwọn akọ̀ròyìn kan máa ń yọ "ó jọ pé" yẹn kúrò torí kò dùn láti fi ṣe àkọlé.

Ó wá ku orúkọ tó gùn yẹn. Kí ló dé tí ex parte fi wà láàárín orúkọ ẹjọ́ àwọn kọmíṣọ́nnà owó orí àti arábìnrin Polignac, nígbà tó jẹ́ pé apá méjèèjì ló wá rojọ́ níkẹyìn? Torí ibẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹnìkejì ò sí o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnìkan bá fẹ́ kí kóòtù gíga yẹ iṣẹ́ adájọ́ kékeré tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba wò, orúkọ ọba ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà. R tó wà níwájú yẹn, ọba tàbí ọbabìnrin ni. Ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ex parte àti orúkọ ẹni tó lọ bẹ kóòtù, ìyẹn ni pé ọba ló ń pè wọ́n lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n lágbájá yìí ló ní kí wọ́n pè é.

Ibi tí èyí ti ń da àwọn èèyàn rú jù ni ẹjọ́ Augusto Pinochet, olórí ológun Ṣílè tẹ́lẹ̀, tí wọ́n mú ní Lọ́ńdọ̀n lóṣù Kẹwàá ọdún 1998. R v Bow Street Metropolitan Stipendiary Magistrate, ex parte Pinochet Ugarte ni wọ́n kọ sí i lórí. Mo ti rí ẹni tó kọ̀wé gígùn kan pé àìṣòdodo gbáà ni, pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ ẹjọ́ olórí ìjọba tẹ́lẹ̀ ní ex parte, láìsí i níbẹ̀. Ṣebí òun gan-an ló lọ sí kóòtù, àwọn lọ́yà rẹ̀ sì rojọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, kódà àwọn ẹgbẹ́ míì bí Amnesty International gba àyè láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, torí wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ àkọ́kọ́, Lord Hoffmann, ní ipò nínú ẹgbẹ́ àánú tó so mọ́ Amnesty, kò sì sọ ọ́, ni wọ́n bá da ìdájọ́ àkọ́kọ́ nù lóṣù Kejìlá ọdún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tí ẹjọ́ kan bá wà láyé yìí tí wọn ò fi tẹnu ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìgbọ́, òun ni. Ex parte tó wà lórí ẹ̀ kàn ń tọ́ka sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn, Ex parte Milligan ti ọdún 1866 àti Ex parte Quirin ti ọdún 1942, ex parte ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹjọ́ méjèèjì. Ọ̀nà kan náà ni: Milligan ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ bóyá ó tọ́ kí àwọn ológun mú òun ṣẹjọ́ nígbà tí kóòtù aráàlú ṣì ṣí sílẹ̀, kóòtù sì ní kò tọ́. Apá ìjọba náà sọ tiwọn.

Mo sọ pé bona fide rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ẹnìkan ò gbọ́ yìí tún dé inú tiẹ̀, nínú ìwé àdéhùn. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó rà á jẹ́ bona fide purchaser for value without notice. Àwọn èèyàn máa ń ka bona fide, wọ́n á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ọkàn mi mọ́ nígbà tí mo rà á, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Ọkàn mímọ́ nìkan ò tó. O gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan gidi rà á, kì í ṣe ẹ̀bùn. O kò sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ pé ẹlòmíì ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan náà. "Gbọ́" níbí sì gbòòrò: tó bá jẹ́ pé o bá ẹlòmíì tó ń gbé inú ilé tó o fẹ́ rà, tó ò bi í léèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀, kóòtù lè ní o ti gbọ́, bí etí rẹ ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá pa ojú dé kò lè padà wá sọ pé òun ò rí.

Lórí pro bono, kìkì ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, torí mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá jà pẹ̀lú ẹni tó ní lọ́yà pro bono ti bọ́, pé tó bá fìdí rẹmi kò ní san owó lọ́yà ẹnìkejì torí ẹnìkejì ò náwó. Ní England, òfin Legal Services Act ti ọdún 2007, abala 194, ti di ihò yẹn: kóòtù lè ní kí ẹni tó fìdí rẹmi san iye tí ì bá san, kì í ṣe fún lọ́yà náà, fún àjọ àánú tí òfin yàn ni. Torí náà ẹni tó ń fi àsìkò ṣòfò lórí ẹni tí kò lówó, kó máa ṣírò iye tó máa ná an.

Ọdún 1999, nígbà tí ìlànà kóòtù tuntun tí Lord Woolf dá lábàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England, wọ́n fẹ́ lé Látìn lọ. Ex parte di "láìsọ fún ẹnìkejì" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gbẹrẹfu, Mareva náà pàdánù orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pè é, ó di àṣẹ tó ń sọ owó di yìnyín. Mi ò lòdì sí i, tí ẹni tí wọ́n ti owó rẹ̀ mọ́ bá lè ka ohun tí wọ́n ṣe fún un kó sì yé e, ó dáa. Àmọ́ ojúṣe tó wà lọ́rùn ẹni tó dá nìkan lọ ò yí padà, ẹjọ́ Polignac ni wọ́n ṣì ń tọ́ka sí, àwọn lọ́yà ṣì ń sọ ex parte lẹ́nu. Nínú àkọlé náà, láti nǹkan bí ọdún 2000 sí 2001, wọ́n ti ń kọ ọ́ pé R, on the application of, àti orúkọ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ nínú àkámọ́. Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, tẹ́ ẹ rí ex parte lórí àkọlé pẹ̀lú R níwájú, orúkọ ẹni tó pẹjọ́ lẹ rí yẹn, kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó wà ní kóòtù. Inú ìwé náà lẹ ti máa mọ̀ ọ́n, níbi tí wọ́n bá ti to orúkọ àwọn lọ́yà: tó bá jẹ́ ti apá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ wá ọjọ́ ìpadàwá kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.